Must, should àti have to nínú ìwé ìtọ́ni: ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Ẹni tó bá ń kọ ìtọ́ni lédè Gẹ̀ẹ́sì ní láti kọ́kọ́ ronú lórí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òǹkàwé kò bá tẹ̀ lé gbólóhùn kan. Bí ewu tàbí ìjìyà bá wà níbẹ̀, “must” ni ó yẹ ọ̀rọ̀ náà. Bí iṣẹ́ náà yóò ṣì yọrí, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà kan sàn ju òmíràn lọ, “should” ni, nítorí ìmọ̀ràn ni. “Have to” fẹ́rẹ̀ẹ́ bá “must” dọ́gba, àfi pé ó sábà máa ń fi hàn pé òfin tàbí ipò tó wà nílẹ̀ ló fa dandan náà.

Ìgbà tí ìyísódì bá wọ̀ ọ́ ni àwọn méjèèjì pínyà. “Must not” ka nǹkan léèwọ̀. “Don’t have to” kò ka ohunkóhun léèwọ̀. Ó kàn sọ pé kò pọn dandan, ẹni tó bá wù sì lè ṣe é. Ibí yìí gan-an ni Yorùbá ti máa ń kọsẹ̀, nítorí pé a máa ń sọ pé “ẹ kò ní láti pariwo” nígbà tí a bá fẹ́ kí ariwo dáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtọ́ni fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ya ìgbẹ́ gbuuru, tó sì ní páálí ORS, oògùn tí a ń pò mọ́ omi fún ọmọ mu, lọ́wọ́. Ẹnì kan kọ ọ́ pé: “You don’t have to add salt.” Iyọ̀ àti ṣúgà ti wà nínú páálí náà, iyọ̀ àpọ̀jù sì lè ṣe ọmọ ní jàǹbá ńlá, ṣùgbọ́n gbólóhùn yìí fún ìyá láyè láti fi kún un bó bá wù ú. “You must not add salt” ni ó yẹ. Gbólóhùn kejì ni “You don’t have to stop breastfeeding”, tó sọ ọ́ di ọ̀ràn ìfẹ́ inú ìyá, nígbà tó jẹ́ pé ọmú gbọ́dọ̀ máa bá a lọ. Èyí tó dára jù ni kí a pàṣẹ ohun tí a fẹ́: “Keep breastfeeding.”

Gbólóhùn kẹta, “The mixture should be thrown away after 24 hours”, rọ̀ jù. Kòkòrò àrùn lè pọ̀ nínú omi tó ti pẹ́, nítorí náà “You must throw it away” ni. Ní ti pé kí a máa fi ṣíbí bu ú fún ọmọ díẹ̀díẹ̀, “should” tó, nítorí a tún lè fi ife fún un.

Ìgbésẹ̀ tí kò ní ewu tàbí yíyàn nínú kò nílò ìkankan nínú wọn: “Open the packet” ti pé bẹ́ẹ̀. Bí “must” bá wà ní gbogbo ìlà, ojú òǹkàwé yóò fo èyí tó sọ nípa iyọ̀.