Rétì límítà nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àgbékalẹ̀ sísítẹ́ẹ̀mù: garawa tókìn àti òǹkà fèrèsé tó ń sún

Rétì límítà ni ẹ̀yà sísítẹ́ẹ̀mù kọ̀ǹpútà tó ń ka iye ìbéèrè tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń fi ránṣẹ́ sí sẹ́fà láàárín àkókò kan, tó sì ń dá èyí tó bá kọjá òdiwọ̀n padà kó tó dé ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ. Lórí wẹ́ẹ̀bù, èsì tí wọ́n fi ń dá a padà ni `429 Too Many Requests`, èyí tó wọ inú ìlànà HTTP pẹ̀lú RFC 6585 ní oṣù kẹrin ọdún 2012. Ìlà `Retry-After` nínú èsì náà ló máa ń sọ fún oníbàárà ìgbà tó lè padà wá.

Tí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá ẹnjiníà sọ́fítíwíà lẹ́nu wò, ìbéèrè yìí kì í wọ́n ní ìpele àgbékalẹ̀ sísítẹ́ẹ̀mù. Èèyàn lè yà á tán láàárín wákàtí kan, àmọ́ ibi tó ti le kì í hàn láti òkèèrè. Ọ̀pọ̀ ló mọ garawa tókìn àti òǹkà fèrèsé tó ń sún dáadáa tó láti ṣàlàyé wọn. Àwọn tó lè sọ iye ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ kó kọjá ní ìṣẹ́jú tó burú jù kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹni tó ń bi wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́.

== Kí ni "100 ní ìṣẹ́jú kan"? ==

Ká ní òdiwọ̀n tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni ìbéèrè 100 ní ìṣẹ́jú kan fún kọ́kọ́rọ́ API kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì tí sẹ́fà fi ń dá oníbàárà mọ̀. Kíka kọ́kọ́rọ́ sàn ju kíka àdírẹ́sì IP lọ, torí pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lè jọ wà lẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo, ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan á sì wá di ti gbogbo wọn. Gbólóhùn "100 ní ìṣẹ́jú kan" fúnra rẹ̀ kò tíì sọ tán. Ṣé ìṣẹ́jú ti aago ni, ṣé ìṣẹ́jú-àáyá 60 èyíkéyìí tí èèyàn bá wọ̀n ni, àbí ìpíndọ́gba lásán?

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni fèrèsé tó dúró sójú kan: òǹkà kan ń kà, ó sì ń padà sí òdo nígbàkígbà tí ìṣẹ́jú aago bá yí. Àléébù rẹ̀ wà ní ẹnu ààlà. Oníbàárà lè fi 100 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá tó kẹ́yìn, kó fi 100 mìíràn ránṣẹ́ ní kété tí ìṣẹ́jú bá yí, 200 á sì ti wọlé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ọ̀nà tó péye jù ni kí sísítẹ́ẹ̀mù kọ àkókò gbogbo ìbéèrè sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí àkókò kan bá gba báìtì 8, àkọsílẹ̀ 100 fún ẹnì kan jẹ́ báìtì 800, fún mílíọ̀nù kan oníbàárà ó di mẹgabáìtì 800, láìtíì ka ohun tí ibi ìpamọ́ fúnra rẹ̀ ń jẹ. Nọ́ńbà méjì péré ni ọgbọ́n méjèèjì tí à ń fi wéra níbí ń tọ́jú fún ẹnì kan.

== Garawa tókìn ==

Kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ní garawa tirẹ̀. Garawa náà gba tókìn 100, tókìn sì ń kán sínú rẹ̀ ní 100/60, ìyẹn bíi 1.67, ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tó bá dé mú tókìn kan. Bí kò bá sí odidi tókìn kan nínú garawa, 429 ni. Tí garawa bá ti kún, èyí tó ń kán ń dà nù.

Kò sí ẹni tó ń dúró ti garawa kó máa bu tókìn sí i. Iye tókìn tó kù àti àkókò tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn ni wọ́n ń pa mọ́. Nígbà tí ìbéèrè bá dé, wọ́n á ṣírò iye tó yẹ kó ti kán láti ìgbà yẹn. Ẹni tó bá sọ pé òun á ní iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ kan tí á máa yí ká mílíọ̀nù garawa ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá, ó ti fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ níbi tí kò sí. Ìṣirò kan náà ló ń fún wọn ní `Retry-After`: bí tókìn 0.4 bá kù, 0.6 ló yẹ kó kán sí i, ìyẹn bíi ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá kan ó lé díẹ̀. Odidi ìṣẹ́jú-àáyá ni ìlà náà ń gbà, nítorí náà wọ́n á kọ 1.

Wàyí o, ìṣẹ́jú tó burú jù. Oníbàárà tó ti sinmi ní garawa tó kún. Ó lo 100 lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ó ń gba gbogbo tókìn bó ṣe ń kán, 100 mìíràn sì ti kọjá kí ìṣẹ́jú-àáyá 60 tó pé. Àròpọ̀ jẹ́ 200. Bí àdéhùn bá jẹ́ pé 100 kò gbọdọ̀ kọjá rárá, àfi kí wọ́n ya ìwọ̀n garawa sọ́tọ̀ kúrò lára ìwọ̀n ìkán: garawa tó gba 20, tókìn 80 ní ìṣẹ́jú kan. 20 àti 80 jẹ́ 100. Ohun tí wọ́n fi san án ni pé ẹni tó ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ láti àárọ̀ dalẹ́ kò lè ju 80 lọ ní ìṣẹ́jú kan mọ́. Níní ìwọ̀n méjì báyìí, ọ̀kan fún ìrọ́wọlé òjijì, ìkejì fún ìpíndọ́gba, ni agbára garawa. AWS API Gateway náà ń lo garawa tókìn, ó sì fi ìwọ̀n méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹni tó ń ṣètò rẹ̀.

== Òǹkà fèrèsé tó ń sún ==

Níbí, òǹkà ìṣẹ́jú tó kọjá, `prev`, àti ti ìṣẹ́jú tó ń lọ lọ́wọ́, `cur`, ni wọ́n ń tọ́jú. Wọ́n ń fojú bu iye ìbéèrè inú ìṣẹ́jú-àáyá 60 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá báyìí:

```
est = prev * (1 - elapsed / 60) + cur
```

Bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 bá ti lọ nínú ìṣẹ́jú tuntun, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òǹkà àtijọ́ ló ṣì ń kà. Nínú ìṣirò yìí ni wọ́n ti gbà láìsọ pé ìbéèrè ìṣẹ́jú tó kọjá wá ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fún ọ̀pọ̀ oníbàárà, ìyẹn sún mọ́ òótọ́: Cloudflare ròyìn ní ọdún 2017 pé nínú 400 mílíọ̀nù ìbéèrè tí wọ́n yẹ̀ wò, 0.003% péré ni wọ́n ṣì gbà tàbí ṣì dá padà. Àṣìṣe náà kéré lápapọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí gbogbo oníbàárà ló ń pín in sí.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó fi 100 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá tó kẹ́yìn. Nígbà tí ìṣẹ́jú bá yí, òǹkà kò gbà á láyè ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, nítorí náà wàhálà ẹnu ààlà ti kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà àyè ń ṣí díẹ̀díẹ̀, 1.67 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí ìṣẹ́jú-àáyá 58 bá fi máa lọ, 96 mìíràn ti lè wọlé, 100 àkọ́kọ́ sì ṣì wà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 60 náà: 196. Ẹni tó bá sọ pé òǹkà yìí kò lè jẹ́ kí ju 100 kọjá láé, kò tíì ṣírò ó. Ní ìṣẹ́jú tó burú jù, ìwà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti garawa tó gba 100.

== Oníbàárà tó ń wá lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan ==

Ibi tí àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ gan-an ni ọ̀dọ̀ oníbàárà tí kò rú òfin kankan. Ká ní kóòdù ẹnì kan máa ń jí ní ìṣẹ́jú-àáyá kejì gbogbo ìṣẹ́jú, á fi ìbéèrè 100 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì sùn padà. Lọ́dọ̀ garawa tó gba 100, ìṣẹ́jú-àáyá 60 ti tó láti kún padà, gbogbo 100 rẹ̀ ń kọjá.

Lọ́dọ̀ òǹkà, ìṣẹ́jú kìíní lọ ní ìrọ̀rùn. Ní ìṣẹ́jú kejì, òǹkà fojú bu 100 × 58/60, ìyẹn 96.67, ó sì jẹ́ kí 3 péré kọjá. 97 gba 429. Ní ìṣẹ́jú kẹta, nǹkan 3 ni òǹkà àtijọ́ ní, 97 sì kọjá. Ní ìkẹrin, 6. Lórí àwòrán ìṣọ́ sísítẹ́ẹ̀mù, 429 oníbàárà náà á máa gòkè, á máa sọ̀kalẹ̀ bí eyín ayùn, ìṣẹ́jú kan ó dára, ìṣẹ́jú kejì ó bàjẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rí irú ìlà bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ wo aago oníbàárà kó tó pè é ní arúfin. Gígé ìṣẹ́jú sí ègé mẹ́fà oníṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lè dín àṣìṣe náà kù: àṣejù òǹkà kò ní ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ kó tó lọ sílẹ̀, dípò 60. Kò pa á tán; oníbàárà yìí á rí 20 gbà dípò 3 ní ìṣẹ́jú kejì.

== Nígbà tí sẹ́fà bá pọ̀ ==

Ọ̀pọ̀ sẹ́fà ló sábà máa ń pín iṣẹ́, nítorí náà nọ́ńbà méjì wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ wà níbi kan tí gbogbo wọn ti lè rí i, ní gbogbogbòò Redis, ibi ìpamọ́ dátà tó ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́mórì. Bí sẹ́fà méjì bá ka garawa kan náà lẹ́ẹ̀kan, tí àwọn méjèèjì rí tókìn 1, àwọn méjèèjì á fọwọ́ sí ìbéèrè, tókìn kan á sì ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ìdí nìyí tí kíkà, ìṣirò àti kíkọ fi gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ láìsí ẹni tó já wọ àárín wọn. Redis ń ṣe sìkíríìpù Lua kan tán kó tó dá ẹlòmíràn lóhùn:

```lua
local t = redis.call('TIME')
local now = t[1] + t[2] / 1000000
local d = redis.call('HMGET', KEYS[1], 'n', 'ts')
local n = tonumber(d[1]) or 100
local ts = tonumber(d[2]) or now
n = math.min(100, n + (now - ts) * 100 / 60)
local ok = 0
if n >= 1 then n = n - 1; ok = 1 end
redis.call('HSET', KEYS[1], 'n', n, 'ts', now)
redis.call('EXPIRE', KEYS[1], 120)
return ok
```

Aago Redis ni sìkíríìpù náà ń wò, kì í ṣe aago sẹ́fà kọ̀ọ̀kan, torí pé aago wọn lè ṣàìbára mu. Kọ́kọ́rọ́ tí kò ní iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 120 lè pòórá láìsí ewu: garawa rẹ̀ ì bá ti kún tẹ́lẹ̀.

Òǹkà fèrèsé lè lo `INCR` lásán, àṣẹ Redis tó ń fi ẹyọ kan kún òǹkà, èyí tó rọrùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi kún òǹkà kí wọ́n tó yẹ òdiwọ̀n wò, ìbéèrè tí wọ́n dá padà náà ń wọ inú ìṣirò. Oníbàárà tó ń tún un gbìyànjú láìsinmi á máa gbé òǹkà tirẹ̀ ga, ọ̀nà kò sì ní ṣí fún un mọ́ títí tó fi máa dákẹ́. Àwọn kan fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjìyà. Kò burú, bó bá ṣe pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yàn án ni.

Bí Redis bá dákẹ́, ọ̀pọ̀ ń jẹ́ kí ìbéèrè kọjá, nítorí dídá gbogbo oníbàárà padà burú ju àìkà wọn lọ. Láti má ṣe fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, sẹ́fà kọ̀ọ̀kan lè ní garawa kékeré nínú mẹ́mórì tirẹ̀: sẹ́fà 10, tókìn 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìbéèrè ẹnì kan kò bá pín dọ́gba láàárín sẹ́fà, àwọn kan á kọ̀ fún un nígbà tí àyè ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn yòókù, ìyẹn sì ṣeé fara dà títí Redis á fi padà.