Owó olóògbé: báǹkì, ìfẹ̀yìntì àti adójútòfò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kú láì kọ ìwé ìhágún. Orúkọ mi ló kọ sí báǹkì, síbẹ̀ wọ́n ní àwọn ò lè san owó náà fún mi. Ti adójútòfò, ìyá rẹ̀ ló kọ síbẹ̀ kó tó fẹ́ mi, òun ni wọ́n sì fẹ́ san án fún. Ṣé wọn ò rẹ́ mi jẹ báyìí? (Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ìdáhùn: Ẹ kú àmúmọ́ra, Ìyá Ìbejì. Ó dùn mí fún yín, ṣùgbọ́n wọn ò rẹ́ yín jẹ.

Orúkọ tí èèyàn kọ sí fọ́ọ̀mù báǹkì kò sọ ẹni náà di arólé. Ẹni tí báǹkì yóò wá kàn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni. Ogún ni owó náà, kóòtù ló sì ń yan ẹni tí yóò gbà á. Owó ìfẹ̀yìntì tó ti kó jọ náà, ìwé àṣẹ tí kóòtù bá fún ẹni náà ni wọn yóò béèrè.

Adójútòfò yàtọ̀. Òfin Ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí kò gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún. Ká ní ₦150,000 ni ọkọ yín ń gbà lóṣù. ₦1,800,000 nìyẹn lọ́dún, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ ₦5,400,000. Ẹni tó dárúkọ ni wọ́n ń san án fún, kò sí nínú ogún rárá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó pé kí wọ́n tún fọ́ọ̀mù náà kọ, torí ìgbéyàwó kì í pa orúkọ àtijọ́ rẹ́. Ohun tó kù fún yín níbẹ̀ ni kí ẹ kó àwọn àgbà ẹbí dání lọ bá màmá nítorí àwọn ọmọ.

Ní ti ìyókù, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ikú lọ́dọ̀ àjọ tó ń ka èèyàn, NPC, kí ẹ sì lọ sí ọ́fíìsì probéètì ní Kóòtù Gíga, Adó-Èkìtì, fún ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún. Ẹ mú ẹnì kan láti inú ẹbí dání, torí bí ọmọ kékeré bá wà nínú àwọn tó fẹ́ jogún, ẹni méjì ni wọ́n sáàbà máa ń yàn. Wọn yóò tún béèrè onídùúró. Níbi tí wọ́n ti ń to ohun ìní, ẹ kọ nọ́ńbà gbogbo àkáǹtì rẹ̀ pẹ̀lú PIN, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀, pa pọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ti báǹkì nìkan, tí wọ́n á tún padà wá nítorí èyí tí wọ́n fò.

Kí ìwé náà tó jáde, ẹ má fi káàdì rẹ̀ gba owó kankan. Ẹbí lè fi ẹ̀sùn kàn yín pé ẹ fọwọ́ kan ogún láìgba àṣẹ.