Kí Ló Ń Gbọ̀n? Bí Wọ́n Ṣe Pín Ohun Èlò Orin sí Mẹ́rin, àti Ibi Tí Ìpín Náà Ti Ń Há

Bí wọ́n bá gbé ìlù kan wọ ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí, ohun tí ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé máa kọ́kọ́ bèèrè kì í ṣe ta ló ń lù ú, tàbí òrìṣà wo ni wọ́n ń lù ú fún. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: kí ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n kí ohùn tó jáde? Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ni ìpìlẹ̀ ètò tí Erich von Hornbostel àti Curt Sachs gbé jáde ní Jámánì lọ́dún 1914. Wọ́n bá iṣẹ́ nílẹ̀ o. Victor-Charles Mahillon, tó ń tọ́jú ohun èlò orin ní Brọ́sẹ́lì, ti pín tirẹ̀ sí mẹ́rin ṣáájú wọn. Àwọn méjèèjì wá fẹ ìpín náà lójú, wọ́n sì fi nọ́ńbà sí i bí àwọn láíbìrì ṣe ń fi nọ́ńbà sí ìwé, kí ohun èlò láti ibi yòówù lè rí àyè tirẹ̀.

Nọ́ńbà 1 ni ìdíófóònù. Ara ohun èlò náà gan-an ló ń gbọ̀n, kò nílò awọ tàbí okùn tí wọ́n fà le. Agogo wà níbẹ̀. Agídìgbo náà wà níbẹ̀, torí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ìka ta ló ń dún, àpótí kàn ń bá a gbé ohùn sókè ni. Nọ́ńbà 2 ni mẹ́mbíránófóònù: awọ tí wọ́n fà le ló ń gbọ̀n. Nọ́ńbà 3 ni kọ́dófóònù: okùn ló ń gbọ̀n. Nọ́ńbà 4 ni ẹ́rófóònù: afẹ́fẹ́ ló ń gbọ̀n, bíi ti fèrè àti kàkàkí.

Ọ̀rọ̀ náà "kọ́kọ́" ló gbé ètò yìí ró. Ẹ wo gojé tí àwọn onísákárà ń lò. Awọ ló bo ojú igbá rẹ̀, awọ náà sì ń gbọ̀n dáadáa bí wọ́n bá ń ta á. Síbẹ̀, okùn ni ọrun ń ha, okùn ló kọ́kọ́ gbọ̀n, ó wá gbé e fún awọ. Nítorí náà gojé wà ní nọ́ńbà 3. Dùùrù ńlá tí wọ́n ń pè ní píánò náà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òòlù kéékèèké ló ń lu okùn inú rẹ̀. Títí dé ibí yìí, kò sí wàhálà.

Lẹ́yìn nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni nǹkan ń yí padà. Gángan ni ká mú, ká tẹ̀ lé e dé ìdí. Awọ ló ń dún, ìyẹn 2. Wọ́n ń lù ú ni, wọn kì í fi nǹkan ha á, ìyẹn 21. Ọ̀pá tàbí ọwọ́ ló ń kan awọ ní tààrà, ìyẹn 211. Igi rẹ̀ gùn, kò rí bí abọ́, ìyẹn 211.2. Ẹnu rẹ̀ méjèèjì fẹ̀, àárín fún, ìyẹn 211.24. Ojú méjèèjì ló ní awọ, ó di 211.242. Ẹ ó rí i pé lẹ́yìn nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó ń bèèrè ohun tó ń gbọ̀n mọ́. Bí igi ìlù ṣe rí ni wọ́n ń wò. Ọṣán tí onílù ń fún mọ́ apá kí ohùn lè gòkè sọ̀kalẹ̀, èyí tó sọ gángan di ìlù tó ń sọ̀rọ̀, kò sí nínú nọ́ńbà wọ̀nyẹn rárá. Ìlù mìíràn tó ní irú igi kan náà, tí ohùn rẹ̀ kò lè yí padà, nọ́ńbà kan náà ló máa gbà.

Ibẹ̀ ni gúdúgúdú ti di àlejò. Lójú àwọn àyàn, ọmọ agbo dùndún ni, òun àti ìyáàlù kì í ya ara wọn lóde. Ṣùgbọ́n igi tirẹ̀ rí bí abọ́, ojú kan ló ní, wọ́n sì lẹ ìda mọ́ awọ náà. Bílálà méjì ni wọ́n fi ń lù ú, kò sì ní ọṣán tí wọ́n ń fún. Nínú ètò Hornbostel àti Sachs yìí, 211.11 ni, ó wà lọ́dọ̀ àwọn ìlù abọ́ ńlá inú ọ́kẹ́sítírà òyìnbó, ó sì jìnnà sí àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun.

Ti bàtá tún ya ni lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàtá ilẹ̀ Yorùbá fẹ̀ ní ẹnu kan, ó ń fún lọ sí ẹnu kejì, nítorí náà lọ́dọ̀ àwọn ìlù tó rí báyìí ló wà, ní 211.25. Àwọn tí wọ́n kó lọ sóko ẹrú ní Kúbà gbẹ́ bàtá tiwọn níbẹ̀, ti Ṣàngó ṣì ni. Ṣùgbọ́n igi bàtá Kúbà sábà máa ń fún láàárín, ẹnu méjèèjì fẹ̀, ọ̀kan tóbi ju ìkejì lọ. Ó di 211.24. Ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà nìkan wá nǹkan máa bá bàtá Hàfánà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gángan, á sì máa wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kù sí Ọ̀yọ́ kiri ní ibòmíràn. Èyí kì í ṣe àṣìṣe ẹnì kan. Ohun tí ètò náà ní kí wọ́n wò ni wọ́n wò.

Gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ ìbátan ni. Ibi tí ìbéèrè àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ti ń há ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Hornbostel àti Sachs fi àwọn ohun èlò tí wọ́n ń mì, tí nǹkan wà nínú wọn, sí 112.13. Wọ́n wá rí i pé igbá kan wà ní agbègbè odò Bẹ́núè tó jẹ́ pé ara àwọ̀n lóde ni wọ́n so nǹkan tó ń dún mọ́, kò sí nínú. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n kà á mọ́ 112.13 náà. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé gba ẹnu ọ̀nà yẹn, torí lóde ni ìlẹ̀kẹ̀ tàbí owó ẹyọ tirẹ̀ wà. Bí a bá ń mì í, kò sí ìjà: ìlẹ̀kẹ̀ ń gbá igbá, ohun líle méjì ń kanra wọn, nọ́ńbà 1 ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n lù kì í mì í nìkan. Ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a nídìí, ohùn jíjìn kan á sì jáde. Ara igbá tó le kò lè fúnra rẹ̀ mú ohùn tó jìn tó bẹ́ẹ̀ wá. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń jáde tó ń wọlé lẹ́nu igbá. Bó bá jẹ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí wọ́n gé lórí, ó rọrùn láti dán an wò: kí ẹnì kan fi ọwọ́ dí ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹlòmíràn gbá ìdí rẹ̀. Ohùn jíjìn náà á sá, kò ní kù ju pákọ́pákọ́ igbá lọ. Ṣé nọ́ńbà 4 ni nígbà yẹn? Irú àríyànjiyàn kan náà ló wà lórí ùdù, ìkòkò amọ̀ àwọn Ìgbò tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ bò lójijì: àwọn kan kà á sí 1, àwọn kan kà á sí 4.

Ètò náà ní àtúnṣe kan fún ohun èlò tó ní ẹ̀yà méjì, ìyẹn àmì +. Fún ìyáàlù dùndún, ó bá a mu. Awọ ń dún, ṣaworo tí wọ́n so yí ojú rẹ̀ ká náà ń dún, èèyàn sì lè já ṣaworo kúrò kí ìlù ṣì kù. Nọ́ńbà ti 2, àmì +, nọ́ńbà ti 1, ọ̀rọ̀ parí. Ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, torí igbá kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, kò sí ohun tí èèyàn máa já kúrò. Ohun tó yí padà ni ọwọ́ onílù, káàdì ilé ìkóhun-pamọ́ kò sì ní àyè fún ọwọ́.

Iná mànàmáná ló fi dandan mú kí wọ́n ṣí ilé karùn-ún. Sachs fi nọ́ńbà 5 kún un nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1940. Gìtá oníná ṣì ń fa àríyànjiyàn, torí okùn rẹ̀ ń gbọ̀n gan-an kí iná tó gbà á. Kíbọ́ọ̀dù ní tirẹ̀ kò ní ohun kankan tó ń gbọ̀n ṣáájú ẹ̀rọ agbóhùnjáde. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì agogo lórí rẹ̀ ń lu nọ́ńbà 5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ń jó lágbo máa búra pé agogo làwọn gbọ́.