Ṣé owó orí wà lórí iṣẹ́ alága tí mò ń ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan?

Ìbéèrè: Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe l'Ábújá, wọ́n sì ń yọ owó orí lára owó oṣù mi. Àwọn Yorùbá ibí máa ń pè mí ṣe alága ìjókòó níbi ìdána, bí ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́dún. Mi ò ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò forúkọ òwò sílẹ̀. Ṣé owó orí kan èyí náà? Mo tún ta firíìjì àtijọ́ mi lọ́dún yìí.

Ìdáhùn: Owó orí kan owó alága. Kò kan ti firíìjì.

Òfin kì í ka iye ìgbà tí ẹ jáde. Ohun tó ń wò ni bóyá iṣẹ́ lẹ ṣe fún owó. Ẹ̀yin lẹ dá iye lé e, ẹ sì ń retí èrè. Ṣọ́ọ̀bù tàbí orúkọ tí ẹ kò ní kò yí i padà. Firíìjì ní tirẹ̀, ẹ rà á láti lò ó ni. Ká ní ẹ ra àlòkù mẹ́ta kí ẹ lè tún wọn tà ni, òwò nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni ₦800,000. Láti Oṣù Kìíní 2026, lábẹ́ òfin owó orí tuntun, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí, wọ́n á wá gba ìdá 15 nínú 100 lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e. Ẹni tó rí ₦600,000 á ní kò tíì kan òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ₦800,000 yẹn wà fún ẹnì kan lọ́dún, owó oṣù yín sì ti jẹ ẹ́ tán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ká ní owó oṣù yín jẹ́ ₦2,400,000 lọ́dún, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó ìfẹ̀yìntì àtàwọn ohun tí òfin gbà kúrò. Ìjáde mẹ́fà, ₦150,000 lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ ₦900,000. Ẹ san ₦300,000 fún onílù, ọkọ̀ àti amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Èrè ku ₦600,000. Ó lé owó oṣù sí ₦3,000,000 géérégé, gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sí ìpele ìdá 15: ₦90,000 ni ẹ máa san.

Ẹ má gbàgbé owó àpòòwé tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ ìdílé ọkọ níbẹ̀, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ mú un lọ sílé. Owó iṣẹ́ ni. Aṣọ àti gèlè tí ẹ wọ̀ kò ṣeé yọ, nítorí ẹ lè wọ̀ wọ́n lọ síbòmíràn. (Mo mọ̀ pé èyí máa dun àwọn alága.)

Ibi iṣẹ́ yín kò mọ̀ nípa owó yìí, nítorí náà kò lè yọ ọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ ọdọọdún, kí 31 Oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀lé e tó kọjá. Ibi tí ẹ ń gbé ló sọ ẹni tí ẹ máa jábọ̀ fún: ará Lugbe, iléeṣẹ́ owó orí Ábújá, ará Mararaba, ìpínlẹ̀ Nasarawa ni, kódà bí gbogbo ìdána náà bá wáyé ní Garki.