Mẹtasitebílítì: Ìgbà Tí Fílípùfílọ́ọ̀pù Kò Tíì Mọ̀ Bóyá 0 Ni Tàbí 1

Fílípùfílọ́ọ̀pù ni ẹ̀ka kékeré inú kọ̀ǹpútà tó ń di 0 tàbí 1 kan ṣoṣo mú. Bí kílọ́ọ̀kì, ìyẹn àmì iná tó ń lù déédéé láti darí iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, bá ti lù, fílípùfílọ́ọ̀pù á wo àmì tó wà lẹ́nu rẹ̀, á sì dì í mú títí kílọ́ọ̀kì yóò fi tún lù. Òfin kan ló so mọ́ ọn: àmì náà kò gbọ́dọ̀ yí padà ní kété kí kílọ́ọ̀kì tó lù, tàbí ní kété tó lù tán. Níbi tí kílọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ti ń darí ohun gbogbo, òfin yìí ṣeé pa mọ́. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tí ènìyàn tẹ̀, tàbí àmì tó wá láti abẹ́ kílọ́ọ̀kì mìíràn, kò mọ ìgbà tí kílọ́ọ̀kì ibí ń lù. Bó pẹ́ bó yá, yóò yí padà ní àkókò tí kò yẹ gan-an.

Géètì méjì, ìyẹn àyíká iná kéékèèké tí ń yí 0 sí 1 àti 1 sí 0, ló ń ṣe iṣẹ́ ìdìmú náà. Ohun tó jáde lára ọ̀kan ló ń wọ inú èkejì, nítorí náà bí ọ̀kan bá wà lókè, èkejì á wà nísàlẹ̀, wọ́n á sì máa ti ara wọn lẹ́yìn láti dúró bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ipò kẹta wà láàárín, níbi tí fóólùtì àwọn méjèèjì ti dọ́gba. Bí àmì bá ń yí lọ́wọ́ nígbà tí kílọ́ọ̀kì lù, a lè ti ọ̀nà mọ́ àwọn géètì náà nítòsí ìdọ́gba yìí. Ìyẹn ni mẹtasitebílítì.

Wọn kì í dúró síbẹ̀ títí láé. Ìyàtọ̀ kékeré tó bá wà láàárín fóólùtì méjèèjì ni wọ́n ń sọ di ńlá, ìyàtọ̀ náà sì ń di ìlọ́po méjì láàárín àkókò kan náà léraléra. Ká ní ó ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí 0.035 nánósẹ́kọ́ńdì; nánósẹ́kọ́ńdì kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Láti ìdá kan nínú mílíọ̀nù fóólùtì dé ààbọ̀ fóólùtì, yóò gba nǹkan bí 0.66 nánósẹ́kọ́ńdì. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù fóólùtì ló ti bẹ̀rẹ̀, yóò gba nǹkan bí 1 nánósẹ́kọ́ńdì. Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá ṣe súnmọ́ ìdọ́gba tó ni ìdúró náà ṣe ń gùn tó, kò sì sí bí ó ṣe lè súnmọ́ ọn tó tí kò tún lè súnmọ́ ọn sí i. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè sọ pé lẹ́yìn àkókò báyìí, ó dájú pé ó ti pinnu. Ohun tí a lè ṣírò ni bí ìdúró gígùn ṣe ṣọ̀wọ́n tó:

```
MTBF = e^(t/τ) / (T0 × fc × fd)
```

MTBF ni àkókò tó ń wà, ní ìpíndọ́gba, láàárín àṣìṣe kan àti òmíràn. t ni àkókò tí a fún fílípùfílọ́ọ̀pù láti pinnu; τ ń sọ bí àwọn géètì rẹ̀ ṣe ń yára tó, bó bá ṣe kéré sí ni wọ́n ṣe ń yára sí; T0 ni fèrèsé eléwu ní àyíká ìlù kílọ́ọ̀kì; fc ni ìlù kílọ́ọ̀kì, fd sì ni iye ìgbà tí àmì ń yí, ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Kílọ́ọ̀kì ń lù ní mílíọ̀nù 100 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà 10 nánósẹ́kọ́ńdì ló wà láàárín ìlù méjì. Àmì ń yí ní mílíọ̀nù 10 ìgbà, fèrèsé jẹ́ 0.1 nánósẹ́kọ́ńdì, τ sì jẹ́ 0.05. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìyípadà náà ló ń bọ́ sínú fèrèsé: 100,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan! Bí a bá fún un ní 1 nánósẹ́kọ́ńdì láti pinnu, àṣìṣe á máa wáyé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 síra. Bí a bá fún un ní 2, ó di nǹkan bí ọdún 74,000. Nánósẹ́kọ́ńdì kan péré ló fa gbogbo ìyàtọ̀ yẹn.

Àmọ́ ọ̀nà kan náà ló fi ń bàjẹ́. Tí fóólùtì iná tó ń wọlé bá lọ sílẹ̀, àwọn géètì á dẹwọ́. Ká ní τ gòkè dé 0.07, ọdún 74,000 yẹn á di nǹkan bí ọjọ́ 296. Ẹni tó fi fóólùtì tó péye nìkan dán ẹ̀rọ wò kò tíì dán an wò rárá lójú tèmi.

Àṣìṣe náà ṣòro láti mú. Àmì tí kò tíì pinnu lè dé ọ̀dọ̀ fílípùfílọ́ọ̀pù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan kà á sí 0, kí èkejì kà á sí 1, ẹ̀rọ á sì wọ ipò tí kò sí nínú ètò rẹ̀. Bí a bá tan án padà, ohun gbogbo á tún tọ́. Ní 1973, Thomas Chaney àti Charles Molnar ti Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis tẹ ìwádìí kan jáde tó fi ohun tí wọ́n rí lójú ẹ̀rọ tó ń yàwòrán ìgbì iná hàn: àmì tó lọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ kó tó yan ibi tó ń lọ.

Àtúnṣe tó wọ́pọ̀ ni láti to fílípùfílọ́ọ̀pù kejì tẹ̀ lé àkọ́kọ́, lábẹ́ kílọ́ọ̀kì kan náà, láìfi géètì kankan sáàárín wọn. Àkọ́kọ́ á wá ní nǹkan bí odidi ìlù kan, bí 9 nínú 10 nánósẹ́kọ́ńdì àpẹẹrẹ wa, láti fi pinnu, MTBF á sì gùn ju ọjọ́ orí àgbáyé lọ fíìfíì. Ohun tó ń náni ni pé àmì á pẹ́ sí i ní ìlù kan. Kò sì ṣèlérí pé èsì á jẹ́ tuntun tàbí ti àtijọ́. Ó kàn jẹ́ kó jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Nítorí náà, bí wáyà mẹ́jọ tó gbé nọ́ńbà kan bá kọjá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn kan lè mú ti tuntun wá kí àwọn yòókù mú ti àtijọ́, nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò fi ránṣẹ́ á sì jáde ní òdìkejì.