Ìka gígùn kọ́ ló ń jẹ́ kọ́mọ lè bẹ̀rẹ̀ píánò

Ẹ̀yin òbí Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé na ìka ọmọ sí mi lójú. "Tíṣà, ẹ wo bó ṣe gùn tó, á mọ píánò gan-an." Kíì funfun 5 péré lọmọdé máa kọ́kọ́ ń lò, ìka kan sórí kíì kan, ọwọ́ kékeré sì ń ká a dáadáa.

Kí n tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo máa ń jókòó ti ọmọ náà fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ọmọkùnrin ọdún 4 kan tí ìyá ẹ̀ mú wá láti Ojúẹlẹ́gba, ìka ẹ̀ gùn lóòótọ́, ó tún ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ orin ṣọ́ọ̀ṣì jáde, etí ẹ̀ dáa, mi ò ní purọ́. Mo ní kó gbé ọwọ́ lé tábìlì, mo sọ fún un pé ní píánò àtàǹpàkò ni 1, ìka tó kéré jù ni 5, bákan náà lọ́wọ́ méjèèjì, wá gbé 2 nìkan sókè. Gbogbo ìka ló gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. (Mi ò kì í bèèrè 4 o, ìyẹn ń fún àgbàlagbà gan-an ní wàhálà.)

Ìyẹn nìkan ò tó kí n ní kó máa lọ. A yí sí nǹkan míì, mo pàtẹ́wọ́ kó pa á padà, mo ní kó wá ibi tí kíì dúdú ti wà ní méjì-méjì, torí mẹ́ta-mẹ́ta náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tún padà sórí ìka, ibẹ̀ gangan ni mò ń wò, torí kì í ṣe ohun tó mọ̀ bọ̀ nílé ni mò ń wá, ṣé ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ṣì wà lórí ẹ̀ ni. Ó ti gbàgbé èwo ni 1, ó ti wọ abẹ́ àga lọ.

Ọmọbìnrin ọdún 5 kan wà tí ìka ẹ̀ kúrú pátápátá, òun náà ò rí 2 gbé nígbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tá a padà síbẹ̀, fúnra ẹ̀ ló fi ọwọ́ kejì tẹ àwọn ìka tó kù mọ́lẹ̀ kí 2 lè dá gbéra. Ọjọ́ yẹn náà ni mo gbà á.

Tí mo bá fipá gba ọmọkùnrin yẹn, mo mọ bó ṣe máa rí: oríkèé ìka á máa wọnú tó bá ti tẹ kíì, èjìká á gan, á sá padà sórí ìka kan tó mọ̀, ilé á sì di ẹkún ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kó wá tẹ píánò. Mo ní kí wọ́n mú un padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí wọ́n má tíì ra kíbọ́ọ̀dù, kí wọ́n máa kọrin kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀. Mo wá bèèrè ta ló máa jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀. Ìyá ní Island lòun ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ ti ń ṣú kóun tó kọjá Third Mainland, màmá òun ló ń wà nílé pẹ̀lú ẹ̀. Mo ní ó dáa, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú màmá náà dání.