Iná lọ láàárín ìdánwò orí kọ̀ǹpútà: aago wo la ó gbà gbọ́?

Ìbéèrè: Iná lọ nígbà tí a ń ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó dé, alábòójútó ní òun ti fi ìṣẹ́jú 11 kún un fún wa. Lójú tèmi, ohun tí mo pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló jàre? Àwọn ìdáhùn tí mo ti yàn ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó jọ pé ẹ̀yin lẹ jàre, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìdáhùn kúrò ńlẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi, inú sáfà, kọ̀ǹpútà àgbà tó ń darí ìdánwò, ni ìdáhùn ń lọ, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín. Bí ẹ bá ti yan ìdáhùn kan tí ẹ sì kọjá sí ìbéèrè tó kàn, ìdáhùn yẹn ti dé ọ̀hún. Èyí tí ẹ ṣì ń ṣe lọ́wọ́ nìkan ló wà nínú ewu. Ìyẹn ló jẹ́ kó dun ẹni tó ń kọ àròkọ ju ẹni tó ń yan A tàbí B lọ: ó lè ti tẹ ìlà mẹ́ta tí sáfà kò tíì rí.

Aago ló díjú. Èyí tó ń ka sẹ́yìn níwájú yín, òjìji lásán ni. Ti sáfà ni ojúlówó. Sáfà kan wà tó jẹ́ iye ìṣẹ́jú tó kù fún yín ló ń tọ́jú, tó sì máa ń dúró bí kò bá gbúròó kọ̀ǹpútà yín mọ́. Òmíràn wà tó jẹ́ àkókò ìparí nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 9:00 fún 120 ìṣẹ́jú, 11:00 ló máa ti ilẹ̀kùn, yálà iná wà ní gbọ̀ngàn tàbí kò sí. Irú èyí ló nílò kí èèyàn fọwọ́ fi àkókò kún un.

Ẹ jẹ́ ká ní 9:46 ni ìdáhùn yín ìkẹyìn dé sáfà, iná lọ ní 9:47, ó padà ní 9:58. Kọ̀ǹpútà tún ní láti tan, ẹ tún ní láti wọlé, ìbéèrè yín kò sì hàn títí di 10:03. Alábòójútó tó wo bóòbù tó kú tó sì tún tàn á ní ìṣẹ́jú 11. Àmọ́ ìgbà tí iṣẹ́ yín dúró sí sáfà lọ́wọ́ ló yẹ ká ti kà, títí di ìgbà tí ìbéèrè tún hàn: 9:46 sí 10:03, ìṣẹ́jú 17 gbáko. Mẹ́fà ló bọ́ sọnù. Sáfà ń kọ àwọn àkókò wọ̀nyí sílẹ̀ fún olúkúlùkù, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n wò ó. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tètè tàn lè gba 14. Kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀.

Ẹ fojú sí iye ìṣẹ́jú tó kù tó hàn bí ẹ ṣe wọlé padà. Bó bá jẹ́ 74, aago ti dúró dè yín, ẹ kò nílò àfikún kankan. Bó bá jẹ́ 57, kò dúró, 17 yín ṣì wà nílẹ̀. Alábòójútó tí kò bá wo èyí lè fi kún un lẹ́ẹ̀mejì, kó di ẹjọ́ mìíràn.

Lórí Moodle, ètò kan tí àwọn ilé ìwé fi ń ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, `Add user override` ni wọ́n fi ń fún ẹnì kan ní àkókò tirẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́: iye tí wọ́n ń kọ sí `Time limit` ni gbogbo àkókò láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn 137, kì í ṣe 17. Bí wọn kò bá sì sún `Close the quiz` síwájú dé 11:17, ó máa lé yín jáde ní 11:00 bó ti wù kí 137 náà pọ̀ tó.

Ìbéèrè: Ní tèmi, iná wà, íńtánẹ́ẹ̀tì ló lọ. Ṣé kí n tún ojú ìwé náà ṣí ni?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Ohun tí ẹ tẹ̀ tí kò tíì kúrò lọ́dọ̀ yín ṣì wà lójú ìwé yẹn. Bí ẹ bá tún un ṣí, ó lè pòórá. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ da àwọn ìdáhùn tó wà níbẹ̀ kọ sórí bébà tí wọ́n fún yín, kí ẹ sì nàwọ́ sókè. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá dé, Moodle á tún gbìyànjú láti fi wọ́n ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni sáfà wà, tí ìbéèrè sì ti wà nínú rẹ̀, ẹ lè má tilẹ̀ mọ̀ pé íńtánẹ́ẹ̀tì lọ.